Bọ́ọ̀lù mi ń la ògiri kọjá

Àkànbí: Ẹ kú iṣẹ́ o. Géèmù tí mò ń ṣe fẹ́ sọ mí di wèrè. Mo gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, ó ta padà. Mo tún un gbá, ó bọ́ sódìkejì bí iwin. Bí mo bá rọra gbá a, kò sí wàhálà. Ó ń sá mítà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ògiri nípọn ní mítà 0.2, bọ́ọ̀lù fẹ̀ ní 0.3.

Ìyá Èjìrẹ́: Ó ṣe mí rí! Akọni tèmi ń rìn gba ara ògiri kọjá, kò tiẹ̀ sáré. Àṣé mi ò fi kọláídà, ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan lè kọ lu ògiri, sí i ni. Ẹ yẹ tiyín wò.

Àkànbí: Ó wà níbẹ̀, mà. Bí kò bá sí, bọ́ọ̀lù kan ò ní ta padà.

Bọ̀dé: Dín àlàfo àkókò tó wà láàárín ìṣirò kan sí èkejì kù. Ìṣẹ́jú àáyá 0.02 ni Unity tí a fi ń ṣe géèmù fi sílẹ̀. Mo sọ tèmi di 0.005, ọ̀rọ̀ parí.

Adìgún: Bọ̀dé, ó parí títí eré á fi pọ̀ sí i. Kọ̀ǹpútà kì í wo ìrìn bọ́ọ̀lù, ibi tó bá balẹ̀ sí nìkan ló ń wò. Ní 0.02, bọ́ọ̀lù Àkànbí ń fo mítà 0.8 lẹ́ẹ̀kan. Àyè tó ti lè fara kan ògiri, tiwájú tẹ̀yìn, kò ju 0.5 lọ. Nínú ìgbà mẹ́jọ, bíi mẹ́ta á fò ó pátápátá. Ìyẹn ló fi ń ṣe ségesège. Ní 0.005, 0.2 ló ń fò, kò lè sá mọ́ ògiri lọ́wọ́, àmọ́ iṣẹ́ ìṣirò ti di ìlọ́po mẹ́rin. Ọta ìbọn tèmi ń lọ ní mítà 300; 0.005 yẹn ò ràn mí lọ́wọ́ rárá.

Àkànbí, gbìyànjú èyí, kó lè máa wo gbogbo ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù gbà:

```
rb.collisionDetectionMode = CollisionDetectionMode.Continuous;
```

Àkànbí: Ẹ̀gbọ́n, mo ti fi sí i, ó ṣì ń kọjá.

Adìgún: Kí lo fi ń gbé bọ́ọ̀lù náà rìn?

Àkànbí: `transform.position`, nínú `Update`.

Adìgún: Ẹ̀n-ẹ́n! Gbígbé lo ń gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn, kò rìn. Kò sí ọ̀nà kankan tí Unity fẹ́ wò. `AddForce` ni kó o fi tì í.

Àkànbí: Ó ti ṣiṣẹ́! Mo gbá a ní ogójì ìgbà, ẹyọ kan ò kọjá.

Bọ̀dé: Igi tí mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù nínú géèmù tèmi ńkọ́? Ojú kan ló ti ń yí bírí, orí rẹ̀ sì ń gba inú bọ́ọ̀lù kọjá. Mo dá àkókò padà sí 0.02, mo sì fi `Continuous` sí i.

Adìgún: Ìrìn tààrà ni ìyẹn ń ṣọ́, kì í ka yíyí sí. Gbìyànjú `ContinuousSpeculative`. Àmọ́ nígbà tí mo lò ó, nǹkan máa ń ta padà lára ohun tí kò fara kàn nígbà mìíràn, mi ò sì tíì rí ọgbọ́n dá sí i.

Bọ̀dé: Èmi ò kúrò lórí 0.005 mi nígbà náà.