Ṣíà 40, oṣù 60: kí ló dé tí tábìlì kofáríáǹsì mi fi ní ewu kò sí?

Ìyá Ìbejì, Mánṣẹ́sítà
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará mi. Ṣíà 40 ni mo ní. Mo kó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gòkè tàbí wálẹ̀ lóṣooṣù jọ fún oṣù 60, mo fi Python ṣírò tábìlì kofáríáǹsì wọn, ìyẹn tábìlì bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń mì àti bí méjì méjì ṣe ń bá ara wọn rìn, mo ní kó bá mi wá ìpín owó tí ewu rẹ̀ kéré jù. Ó ní ewu rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ìdá 5 nínú 100. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí n ta ṣíà báǹkì kan tí n kò tiẹ̀ ní, kí n sì kó ìdá 60 nínú owó mi sórí ilé iṣẹ́ omi kan ṣoṣo. Mo yọ oṣù kan péré kúrò, gbogbo ìpín náà yí padà. Kí lẹ rí sí i?

Wálé, Hústìnì
Ẹ̀gbọ́n, owó ilẹ̀ òkèèrè ni. Nígbà tí náírà já lulẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, bí ìṣirò ṣíà tí mo ní l'Ékòó ṣe dàrú nìyẹn. Ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí páùn.

Ìyá Ìbejì
Páùn ni gbogbo rẹ̀, Wálé. Mo sì ti yẹ iye inú fáìlì wò dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n Adé, Ṣikágò
Iṣẹ́ ìṣirò ewu ni mo ń ṣe. Dátà yín kò ní àbùkù, ó kàn kéré ni. Òǹkà 820 lẹ ní kó wá: 40 fún bí ṣíà kọ̀ọ̀kan ṣe ń gòkè sọ̀kalẹ̀, 780 fún bí méjì méjì ṣe ń bá ara wọn rìn. Iye tí ẹ fún un kò ju 2,400 lọ. Ká tiẹ̀ ní kò sí èyí tó bá èkejì rìn rárá, nínú oṣù 60, nǹkan bí 39 nínú 780 yẹn ṣì máa fi ìbárìn tó ju 0.25 hàn, bóyá lápá kan náà tàbí ní ìdàkejì. Kòńgẹ́ lásán ni.

Bí ẹ bá kàn ń wo tábìlì náà, ìyẹn ò ní pa yín lára púpọ̀. Ìgbà tí ẹ ní kó wá ewu tó kéré jù ni wàhálà dé. Ó dà bí oníbàárà tó ń yí ọjà po, tó sì ń ra kìkì èyí tí ọlọ́jà ṣì pè ní owó pọ́ọ́kú. Ibi tí àṣìṣe bá ti bo ewu mọ́lẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló máa kó owó yín sí. Ó rò pé báǹkì tó ní kí ẹ tà àti omi tó ní kí ẹ rà ń pa ewu ara wọn.

Ó ṣeé fojú bù. 40 nínú 60 jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta, nítorí náà fáríáǹsì tó fi hàn yín jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó kéré jù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá di ìpín yẹn mú lọ síwájú, fáríáǹsì rẹ̀ á tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tó kéré jù náà. Ìlọ́po 9 ló wà láàárín méjèèjì. Gbòǹgbò fáríáǹsì ni ewu tí ẹ rí yẹn, nítorí náà ìlọ́po 3 ni. Ìdá 5 tí ẹ rí lè di 15. Bí ṣíà bá sì tó 60, ó máa rí àpòpọ̀ tí ewu rẹ̀ jẹ́ òdo pátápátá.

Ẹ fi òǹkà tí kò ní ìbátan kankan dán an wò:

```python
import numpy as np
x = np.random.default_rng(1).normal(size=(60, 40))
e = np.linalg.eigvalsh(np.cov(x, rowvar=False))
print(e[0], e[-1])
```

Òǹkà méjì ló máa tẹ̀ jáde: fáríáǹsì àpòpọ̀ tó kéré jù àti ti èyí tó tóbi jù. 1 ló yẹ kí méjèèjì jẹ́.

Káyọ̀dé, Tòróńtò
Ẹ lo iye ojoojúmọ́. Ọdún 5 á fún yín ní ọjọ́ tó lé ní 1,200. Ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ̀gbọ́n Adé
Ó ràn wá lọ́wọ́ gan-an, àbúrò, ṣùgbọ́n kò parí. Bí Lọ́ńdọ̀nù bá ti ti ọjà, Niú Yọ́ọ̀kì ṣì ń tà fún wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀. Ìròyìn ìrọ̀lẹ́ kan náà á bọ́ sí ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á wá dà bíi pé wọn ò bá ara wọn rìn. Ṣíà kéékèèké tí wọn kì í tà lójoojúmọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fara mọ́, 260 nìyẹn.

Káyọ̀dé
Bó bá jẹ́ pé Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà ńkọ́? Èmi ò ní fi ojoojúmọ́ sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Mo ti dán an wò. Ti kékeré kò tó 0.1, ti ńlá sún mọ́ 3! Àwọn kan nínú tèmi wà ní Niú Yọ́ọ̀kì o. Kí ni kí n wá ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Adé
Nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ìpín kankan wọ abẹ́ òdo, ìyẹn ni pé ẹ má ta ohun tí ẹ kò ní. Ìyẹn nìkan á gé ọ̀pọ̀ àṣejù náà kúrò. Èkejì, ẹ lo `LedoitWolf` tó wà nínú `sklearn.covariance`. Ọgbọ́n tí Ledoit àti Wolf tẹ̀ jáde ní 2004 ni: ó ń fa tábìlì yín sọ́dọ̀ tábìlì kan tó rọrùn, ó sì ń ti inú dátà yín ṣírò bí ó ṣe yẹ kó fà á tó. Lẹ́yìn náà ẹ yọ oṣù kan kúrò bí ẹ ti ṣe. Bí ìpín bá ṣì ń fò kiri, ẹ má tíì ra ohunkóhun.

Ìyá Ìbejì
8 nínú wọn jẹ́ ṣíà àkójọ owó tó ń ra bọ́ǹdì ìjọba, wọn kì í mì púpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Adé
Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Tábìlì tó ń fa tiyín sọ́dọ̀ ka gbogbo wọn sí ẹni tó ń mì bákan náà, á jẹ́ kí ewu bọ́ǹdì dà bí èyí tó pọ̀ ju bó ṣe rí. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwọ̀n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń mì pín iye rẹ̀, kí ẹ tó fún `LedoitWolf`, kí ẹ wá dá ìwọ̀n náà padà lẹ́yìn rẹ̀.

Káyọ̀dé
Kí ló dé tí a ò kàn padà sí ọdún 15 sẹ́yìn?

Ẹ̀gbọ́n Adé
Ó ṣeé ṣe, àmọ́ báǹkì 2010 kì í ṣe báǹkì òní. Bí ọdún ṣe ń pọ̀ sí i ni àṣìṣe kòńgẹ́ ń dín kù, tí àṣìṣe ayé tó ti yí padà sì ń pọ̀. Níbi iṣẹ́ wa, a ṣì ń jiyàn lé e lórí.