Ẹni tó ń gba owó náà ló ń kọ ìwé: ẹ wá sọ tiyín

Alága ẹgbẹ́, Ìsánlú: Ẹ kú ojúmọ́ o. Òṣìṣẹ́ méjì péré ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní. Akọ̀wé ló ń gba owó, òun ló ń já risíìtì, òun ló ń kọ ìwé ńlá, òun náà ló ń lọ báńkì. Ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ìwé àti báńkì á dọ́gba. Ìgbà tó lọ bímọ ni ìyá kan mú risíìtì 20,000 náírà wá. Ọjọ́ kẹta oṣù ló wà lórí rẹ̀, ọjọ́ kẹwàá ni ìwé wa sọ pé ó san án. Kí lèyí?

Olùṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, Kábà: Ó ti ná owó ìyá yẹn. Nígbà tí ẹlòmíì san 20,000 lọ́jọ́ kẹwàá, ó kó o lọ báńkì, ó kọ orúkọ ìyá sí i. Owó ẹni kẹta ló fi máa dí ti ẹnì kejì. Ìwé ò lè ṣàìdọ́gba, torí ọjọ́ tó bá lọ báńkì nìkan ló ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Ẹ to ẹ̀dà risíìtì kalẹ̀, kí ẹ fi ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ wé ọjọ́ tí owó wọ báńkì. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni gbogbo wọn fi ń pẹ́, ẹ ti rí i. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ gba ìsinmi rárá.

Ọmọ Mọ̀pà: Ẹni méjì ni kó máa fọwọ́ sí sọ̀wédowó. Ó tán.

Olùṣirò: Ìyẹn ń ṣọ́ owó tó ń jáde, àbúrò. Èyí ò tíì dé báńkì tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Àti pé mo ti rí ibi tí ẹnì kejì ń gbé Lọ́kọ́jà, tó fọwọ́ sí odidi ìwé sọ̀wédowó sílẹ̀ kó tó lọ.

Ìyá aláṣọ, Ẹ̀gbẹ̀: Ọmọ tó ń bá mi ṣe POS náà ń ṣe báyìí! Ṣé kí n lé e ni?

Olùṣirò: Ìyá, tiyín yàtọ̀, ẹ kọ́kọ́ ka owó àpótí lálẹ́. Alága, ẹ ò nílò òṣìṣẹ́ kẹta. Kí akọ̀wé máa gba owó, kó sì máa já risíìtì. Kí òṣìṣẹ́ kejì kó gbogbo rẹ̀ lọ báńkì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láìyọ kọ́bọ̀ ná. Ọmọ ìgbìmọ̀ kan tí kì í fọwọ́ kan owó ni kó máa gba sitétíméǹtì lọ́wọ́ báńkì fúnra rẹ̀, kó fi wé ẹ̀dà risíìtì. Alẹ́ẹ̀tì náà, fóònù rẹ̀ ni kó máa wọ̀.

Akápò ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyàrà: Àwa náà ṣe gbogbo ìyẹn. Ìwé risíìtì kejì ni akọ̀wé wa lọ tẹ̀, nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́ ló wà lára rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó sanwó nìkan ni ìyẹn wà, kò dé ọ́fíìsì rí.

Olùṣirò: Àfi kí ẹ máa pe ìwé kékeré ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ, kí ẹ fi wé ìwé ńlá. Kí akọ̀wé má sí níbẹ̀.

Alága: Àna akọ̀wé ni òṣìṣẹ́ wa kejì o.

Akápò: Há! Ta ni wọn kì í ṣe àna ní Ìsánlú?