Báwo la ṣe máa kọ ìkéde áàpù àjọ wa tí yóò fi yé àwọn ọlọ́jà l'Ádó?

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì. Áàpù àjọ tí èmi àti àwọn ọ̀dọ́ kan nílé jọ ń ṣe fẹ́ gbé ẹ̀dà tuntun jáde lọ́jọ́ Ajé. Aláta, oníṣu àti aláṣọ ní Ọjà Ọba l'Ádó ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa. Ohun tí àwọn ọmọ náà kọ rèé: "A ti fún ètò ìwọlé lágbára. A ti tún ojú ewé àkọ́kọ́ tò. A kò ṣe àtìlẹyìn fún fóònù àtijọ́ mọ́." Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i. Ẹ bá mi wò ó.

Ọmọ Ìkéré, Húsítìnì: Àǹtí, ẹ má da ara yín láàmú. Ta ló ń kà á? Fóònù ń gba ẹ̀dà tuntun fúnra rẹ̀ lóru. Ẹ kọ "Bug fixes and performance improvements" bí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ń kọ ọ́, kó parí.

Bọ̀dá Ìjerò, Tòróńtò: Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ kì í kà á ní Play Store. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ kan náà tún hàn nínú áàpù nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣí i. Ìyá Ìbejì, kí ló yí padà gan-an?

Ìyá Ìbejì: PIN kúrò ní nọ́ńbà mẹ́rin, ó di mẹ́fà. Bọ́tìnì "Gba owó" kúrò lókè, ó bọ́ sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Fóònù tí Android rẹ̀ kò bá tó 8 kò ní lè lò ó.

Bọ̀dá Ìjerò: Ó dáa. Ohun tí ẹ ṣe ni àwọn ọmọ yẹn kọ, wọn kò kọ ohun tí aláta máa bá pàdé. Aláta kò mọ "ètò ìwọlé", owó rẹ̀ ló mọ̀. Ẹ fi PIN ṣáájú, torí Google Play kì í gbà ju lẹ́tà 500 lọ fún èdè kan. App Store ń gba 4,000, àmọ́ ìlà díẹ̀ ló máa ń hàn kí èèyàn tó tẹ "more". Ẹ wo èyí:

"PIN yín yóò di nọ́ńbà mẹ́fà. Tí ẹ bá ṣí ẹ̀dà tuntun, ẹ tẹ mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ wá yan mẹ́fà. Owó yín wà níbi tó wà. Bọ́tìnì Gba owó ti wà nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún. A kì í pe ẹnikẹ́ni láti béèrè PIN."

Ẹ má yọ ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn o. Ìgbà tí PIN bá ń yí padà ni àwọn oníjìbìtì máa ń pe èèyàn pé àwọn fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ẹ má sì kọ "láti òní". Tí ẹ bá ní kí App Store pín in díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ 7 ló máa gbà: ìdá 1 nínú 100 ló máa kọ́kọ́ kàn lọ́jọ́ kìíní. Oníṣu méjì lè jókòó tira, kí bọ́tìnì ọ̀kan wà lókè, kí ti èkejì wà nísàlẹ̀, kí ẹ̀rù sì bà wọ́n.

Màmá Dọ́bílìn: Ẹ jọ̀ọ́, ti màmá mi ní Ọ̀mùò ńkọ́? Áàpù báǹkì wọn kò yí padà láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ibi tí wọn ó ti tẹ ẹ̀dà tuntun. Ṣé dátà wọn ló tán ni?

Bọ̀dá Ìjerò: Mà, ó lè jẹ́ pé fóònù wọn ti pẹ́ jù. Play Store kì í fún irú fóònù bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀dà tuntun rárá. Ìyá Ìbejì, ẹ rí i? Tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ fóònù àtijọ́ síbẹ̀, àwọn tí kò kàn ni yóò kà á. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó kàn, kó tó di ọjọ́ Ajé.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an, Bọ̀dá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á fún àǹtí mi tó ń ta iṣu. Mi ò béèrè bóyá ó yé wọn, torí "ó yé mi" ni wọn yóò wí. Mo ní, "Kí lẹ máa ṣe báyìí?" Wọ́n ní, "Màá fi nọ́ńbà méjì kún ti tẹ́lẹ̀."

Bọ̀dá Ìjerò: Háà! Ẹ yí i sí "kí ẹ wá yan nọ́ńbà mẹ́fà mìíràn, ẹ má fi ti tẹ́lẹ̀ sínú rẹ̀." Kí ẹ tún kà á fún ẹlòmíràn.

Ọmọ Ìkéré: Mo gbà pẹ̀lú yín báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí fóònù rẹ̀ kò gbà á, ibo ni yóò ti gba owó àjọ rẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Àwọn ọmọ náà ní kó wá sí ọ́fíìsì. Èmi fẹ́ kí ẹ̀dà àtijọ́ ṣì máa ṣiṣẹ́ títí àjọ yìí yóò fi yípo. A kò tíì fẹnu kò.