Wọ́n bí mi sí Àbíjàn, mi ò ní ìwé kankan, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Rafatu: Ẹ káalẹ́ gbogbo ilé. Ọmọ ọdún 27 ni mí, Adjamé ni wọ́n bí mi sí, ará Èjìgbò ni bàbá àti ìyá mi. Bàbá ti kú, kò sẹ́ni tó forúkọ mi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí mi. Mi ò ní ìwé ìbí, mi ò ní káàdì, ká má tíì sọ pásípọ́ọ̀tù. Mo fẹ́ relé lọ wo ìyá àgbà kí n sì padà wá sẹ́nu iṣẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ni kí n gbà?

Alhaji_Kọ́ńpáò: Àbúrò, kí lò ń dààmú fún, ibi tí wọ́n bá bí èèyàn sí náà nìlú ẹ̀, lọ gba káàdì tiwọn níbẹ̀. Òfin kan wà tó fàyè gba àwa àlejò, àwọn àna mi méjì rí i gbà, wọ́n ti ń dìbò báyìí gan-an.

Bọ́dá_Ṣẹ́gun: Kí ló le tó bẹ́ẹ̀? Wọ bọ́ọ̀sì wálé, lọ kóòtù, búra pé Èjìgbò ni wọ́n bí ẹ sí, fún akọ̀wé kóòtù ní owó bébà, ó parí.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́: Alhaji, ẹ má bínú o, ìdajì òótọ́ lẹ sọ. Òfin yẹn wà lóòótọ́, 2013 ni wọ́n ṣe é, àmọ́ wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀ láti oṣù kìíní 2016. Àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó gbòmìnira ní 1960 àti àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ kí ọdún 1973 tó fìdí múlẹ̀ ló wà fún, pẹ̀lú ọmọ wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bàbá tàbí ìyá tó bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n ri ìwọ́ ọmọ mọ́.

Ọmọ Rafatu, gbọ́ o, ìwọ kọ́ lẹni tí kò nílùú. Òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 25, sọ pé ẹni tí wọ́n bí sí ilẹ̀ òkèèrè, tí bàbá tàbí ìyá ẹ̀ bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà lòun náà látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kó tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ni kò sí lọ́wọ́ ẹ. Ẹ̀rí méjì lò ń wá: pé ìwọ lọmọ ìyá ẹ, àti pé ọmọ Nàìjíríà ni ìyá ẹ.

Ti àkọ́kọ́, Àbíjàn náà lo ti máa rí i. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún òbí láti lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀ ilé ẹjọ́ ló kù. Wàá kọ́kọ́ lọ sí mẹ́rì, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, tó ni àdúgbò tí wọ́n bí ẹ sí, kí wọ́n yẹ ìwé wò kí wọ́n fún ẹ níwèé pé orúkọ ẹ ò sí níbẹ̀. Wàá lọ rí dókítà kó kọ ìwé ọjọ́ orí. Wàá mú ẹlẹ́rìí méjì tó dàgbà jù ẹ́ dáadáa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ tàbí ẹni tó gbẹ̀bí ẹ ló dáa jù, torí adájọ́ lè bi wọ́n pé ibo ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà. Ìdájọ́ tó bá jáde, ìyẹn tí wọ́n ń pè ní sípúlétíìfù, wàá gbé e padà sí mẹ́rì kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, kí wọ́n tó já èsítírè, ìyẹn ìwé ìbí, fún ẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí o, wọ́n á gba ìdájọ́ wọ́n á fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á rò pé ó ti parí.

Ìyá_Péckham: Ẹ ṣé o, akọ̀wé. Tèmi nìyí kó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún un. Lọ́ńdọ̀nù ńbí, pásípọ́ọ̀tù mi ti sọnù láti ọdún gbọ́rọ́gbọ́rọ́, lọ́yà kan ní kí n kọ̀wé pé mi ò nílùú, pé láti 2013 ni wọ́n ti ní fọ́ọ̀mù fún irú àwa bẹ́ẹ̀ níbí. Mo san owó lọ́yà tán, wọ́n dá a padà, wọ́n ní ìlú mi wà níbẹ̀, ìwé ni mi ò lọ gbà. Àbúrò má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tì ẹ́ sínú fọ́ọ̀mù yẹn.

Alhaji_Kọ́ńpáò: Péckham kọ́ ló ń gbé, Adjamé ni!

Bọ́dá_Ṣẹ́gun: Gbogbo kóòtù àti dókítà yìí, tèmi yá jù ú lọ.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́: Ó yá lóòótọ́, títí wọ́n á fi bi í pé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wo ló lọ ní Èjìgbò. Ìwé ẹ̀rí ilé ìwé ẹ̀ ń sọ Àbíjàn, ìbúra ń sọ Èjìgbò, ẹnu ẹ̀ sì ń sọ Faransé. Irọ́ tí ò ní àǹfààní kankan ni, nígbà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe bí i sí Àbíjàn ò gba Nàìjíríà lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá sì ti fi irọ́ náà gba NIN, inú ẹ̀rọ ló wà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọkùnrin kan tí mo bá lọ. Akọ̀wé kóòtù kọ orúkọ bàbá ẹ̀ ní Moussibaou bí àwọn Faransé ṣe ń kọ ọ́, Musibau ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ bàbá. Kò kà á dáadáa kí wọ́n tó lù ú lóǹtẹ̀. Nígbà tó dé iwájú òṣìṣẹ́ Nàìjíríà wa, wọ́n ní bàbá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ó tún padà sí kóòtù láti tún un ṣe, oṣù mẹ́jọ ló lọ sí i, torí lẹ́tà mẹ́ta péré. Kí wọ́n tó buwọ́ lù ú, gbé káàdì ìyá ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kà á létà sí létà.

Ẹ̀rí kejì, ìyá ẹ ló ni ín. Káàdì kọ́ńsúlà tàbí pásípọ́ọ̀tù, bí ọjọ́ ìwé náà bá tiẹ̀ ti kọjá. Tí kò bá sí, kí ẹbí lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò gba ìwé ọmọ ìlú fún un. Kó méjèèjì lọ sí ẹ́mbásì wa ní Àbíjàn, kí ìwọ náà gba káàdì kọ́ńsúlà.

Ọmọ_Rafatu: Ẹ ṣeun gan-an sà. Ẹnì kan ní ẹ́mbásì lè fún mi ní ìwé pàjáwìrì kí n fi rìn lọ́la òde yìí, ṣé òótọ́ ni?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́: Òótọ́ ni, àmọ́ àlọ nìkan ló wà fún. Ó máa gbé ẹ dé Èjìgbò, kò ní gbé ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti Noé sí Ẹlúbọ̀, Aflao, Hilla-Condji, títí dé Sèmè, bodè mẹ́rin nìyẹn. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí ECOWAS fún wa láìgba físà, ẹni tó níwèé ìrìnnà ló wà fún. Ẹni tí kò ní ohunkóhun, àpò ẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Torí náà má kúrò ní Àbíjàn láì tíì mú èsítírè lọ́wọ́. Tóo bá délé, gba NIN, ọ̀fẹ́ ni, kó o wá lọ fi gba pásípọ́ọ̀tù.

Tọ́lá_Yopougon: Ẹ̀gbọ́n, mi ò fara mọ́ ìyẹn tán o. Èmi gba pásípọ́ọ̀tù tèmi ní Àbíjàn, ó wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èèyàn lè délé kí wọ́n máa fi í pòyì, ọgá ẹ̀ á ti gba ẹlòmíì.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́: Tóo bá lówó ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ilé ló rọ èmi lọ́rùn torí ìwé ìjọba ìbílẹ̀ àti onígbọ̀wọ́.

Ọmọ_Rafatu: Mo ti bá ìyá mi tú àpótí lálẹ́ yìí. Káàdì kọ́ńsúlà kan wà tí eku ti jẹ létí, Rafatou ni wọ́n kọ, 1962. Pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ tún wà, Rafatu, 1958. Ìyá fúnra wọn ní ọdún tí ìyá wọn ń ta epo ní Kumasi ni wọ́n bí àwọn.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́: Háà! Kumasi kẹ̀! Wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n lé ní Gáánà ní 1969 nìyẹn. Pásípọ́ọ̀tù ni kó o dì mú, ìjọba àpapọ̀ ló fún wọn. Ya fọ́tò ojú ewé àkọ́kọ́ ẹ̀ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, bo nọ́ńbà ẹ̀, má gbé e síbí.