Ohùn mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ kan ṣoṣo: ẹ sọ ohun tí ẹ ti rí

Ọlọ́ṣẹ
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ọṣẹ ìwẹ̀ là ń ṣe, àwa mẹ́ta péré la wà nídìí ẹ̀. Oníbàárà kan ní bí òun bá ń ka ohun tí à ń gbé sórí ayélujára, àfi bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ ṣeré. Ara páálí wa dà bí ìwé ilé ìwòsàn. Ìgbà tí òun sì fi àròyé ránṣẹ́, ìwé ìjọba la fi dá òun lóhùn. Ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:

Ìpolówó: “Ọṣẹ tuntun ti dé o! Ṣé o ti wẹ̀ lónìí?”
Páálí: “Fún ìta ara nìkan. Kí a lò ó lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.”
Èsì fún ẹni tí ọṣẹ rẹ̀ kán: “Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, a ti gba ẹ̀sùn yín, a ó sì gbé e yẹ̀wò láìpẹ́.”

Ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Elétí Ọ̀rọ̀
Níbi èsì àròyé ni. Ìpolówó lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ torí òun ló dùn ún kọ. Wọ́n á mú ohùn aláwàdà, ó di ọjọ́ tí ọjà bà jẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkan kí wọ́n tó rí i pé ohùn yẹn ò ṣeé fi bẹ̀bẹ̀. Ìbẹ̀rù náà ló ń lé wọn wọnú èdè ìwé ìjọba. Ohùn tó bá lè dá ẹni tínú ń bí lóhùn, ó ṣeé fi polówó; ẹ kàn máa fi àwàdà díẹ̀ sí i ni.

Ẹ wá wo bí ẹ ṣe ń pe ẹni tó ń kà á. Ìpolówó yín ń pè é ní “o”, èsì yín ń pè é ní “yín”, páálí yín ní “kí a”, ìyẹn ni pé kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àjọṣe mẹ́ta nìyẹn pẹ̀lú ẹnìkan ṣoṣo. Ẹ mú ọ̀kan. “Ẹ” ni màá mú, torí “o” kò ní lè dúró lọ́jọ́ tí àgbàlagbà kan bá bínú kọ̀wé sí yín. “Ẹ” ò sì ní kéèyàn má ṣàwàdà: “Ọṣẹ tuntun ti dé. Ẹ ti wẹ̀ ni, àbí ẹ fẹ́ dúró dè é?”

Bí màá ṣe kọ èsì yẹn nìyí: “Ẹ pẹ̀lẹ́. A ti rí fọ́tò ọṣẹ tó kán sí méjì. A ó fi òmíì ránṣẹ́ sí yín láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ má wulẹ̀ dá èyí tó kán padà, ó ṣì ṣeé fi wẹ̀.” Ẹ wò ó: ìkẹ́dùn, ohun tí a rí, ohun tí a ó ṣe àti ọjọ́ tí a ó ṣe é, lẹ́yìn náà ohun tí oníbàárà máa ṣe. Kò sí àwàdà kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó kọ ìpolówó yẹn náà ló kọ ọ́. “Láìpẹ́” ló ba tiyín jẹ́ jù. Kò sẹ́ni tínú ń bí tó gba “láìpẹ́” gbọ́.

Gbohùngbohùn
Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ohùn ni, ẹ jẹ́ kẹ́nìkan ṣoṣo máa ka gbogbo ìpolówó. Inú yàrá tí aṣọ àti kọ́tìnì pọ̀ sí ni kí ẹ ti gbà á sílẹ̀, kó má baà máa dún padà.

Ọlọ́ṣẹ
Ẹ̀gbọ́n, ohùn tí a fi ń kọ̀wé ni mo ń sọ o 😄

Gbohùngbohùn
Háà! Ẹ má bínú. Ẹ ṣáà ka èsì yín sókè kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. “A ó sì gbé e yẹ̀wò”, ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹni?

Alábẹ́là
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta la kọ sára ògiri níbi tiwa: ọlọ́yàyà, olóòótọ́, ẹni jẹ́jẹ́. A sì ní gbólóhùn kan náà tí à ń lẹ̀ mọ́ gbogbo èsì. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, ohùn kan ni.

Elétí Ọ̀rọ̀
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn dáa, àmọ́ wọn ò tíì tó. Bí ẹni méjì bá ń dáhùn, ọ̀yàyà ẹnìkan ni “ẹ kú àárọ̀”, ti ẹnìkejì ni àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín mẹ́fà. Ẹ kọ ohun tí ẹ máa ń sọ àti ohun tí ẹ kì í sọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ “olóòótọ́”, bí àpẹẹrẹ: a máa ń sọ pé “kò sí nílẹ̀ mọ́, ọjọ́ Ẹtì la máa ṣe òmíì”, a kì í sọ pé “ó ń bọ̀ láìpẹ́”. Kí gbogbo ẹ̀ má ju ojú ewé kan lọ, torí kò sẹ́ni tó máa ka ojú ewé mẹ́wàá nígbà tí oníbàárà ń dúró.

Gbólóhùn àlẹ̀mọ́ yẹn lẹ máa ṣọ́ra fún. Bí ẹnìkan bá fẹjọ́ sùn lẹ́ẹ̀mejì tó rí ìpínrọ̀ kan náà gbà, ó ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ka tòun. Nínú WhatsApp Business, ẹ lè fi èsì pamọ́ sí Quick replies, kí ẹ máa fi `/` pè é. Ẹ fi egungun ẹ̀ nìkan pa mọ́, kí ẹ fi àlàfo sílẹ̀ fún ohun tí oníbàárà fúnra rẹ̀ sọ:

```
/kan
Ẹ pẹ̀lẹ́. A ti rí [ohun tó sọ].
A ó fi òmíì ránṣẹ́ ní [ọjọ́].
```

Àádọ́ta ni wọ́n gbà kéèyàn ní, ṣùgbọ́n mẹ́jọ ti tó. Ẹ má sì pa èsì kankan mọ́ fún ẹni tó ní ara òun ń yún òun. Tuntun ni kí ẹ máa kọ ìyẹn.

Atẹ̀wé
Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ti páálí. Òun ni kó kẹ́yìn. Ìpolówó ṣeé pa rẹ́, páálí tí a ti tẹ̀ ò ṣeé tún ṣe. Ẹ lo ohùn tuntun yẹn nínú èsì fún bí oṣù kan ná, kí ẹ tó gbé e wá sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ìlànà ìlò lè jẹ́ “Ẹ lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá kó sí yín lójú, ẹ fi omi ṣàn án.” Orúkọ èròjà àti ìkìlọ̀ tí òfin bá béèrè, bí òfin ṣe fẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́, ẹ má ṣeré níbẹ̀.

Ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni àmì. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ò ní “ẹ̀” àti “ọ́”, àmì á sún kúrò lórí lẹ́tà tàbí kó di àpótí. Bí lẹ́tà bá sì kéré jù, yíǹkì á mu àmì ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ “ọṣẹ” á di “ose”, olùkà ò ní mọ̀ bóyá ọ̀sẹ̀ lẹ ń wí. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an, kí ẹ mú un sí ìmọ́lẹ̀ kà. Ojú kọ̀ǹpútà máa ń tanni.

Alábẹ́là
Ta ló ń fàmì sí èsì? Tí n bá ń wá àmì, oníbàárà á ti lọ.

Elétí Ọ̀rọ̀
Ẹ fi àmì ìsàlẹ̀ sí èsì, ẹ fi gbogbo àmì sára páálí. Ìyẹn tó.

Atẹ̀wé
Mi ò gbà. Ẹni tó rí “Ẹ pẹ̀lẹ́” lára páálí, tó wá rí “Ẹ pẹlẹ” nínú èsì, ó ti rí ilé iṣẹ́ méjì.

Ọlọ́ṣẹ
Mo ti tún un kọ. Ìpolówó mẹ́rin, èsì mẹ́rin àti gbólóhùn páálí mẹ́rin ni mo kó sórí ìwé kan. Mo yọ gbogbo orúkọ, mo wá ní kí àbúrò mi sọ iye ẹni tó kọ wọ́n. Ó ní ẹni méjì. Ẹnìkejì tó rí ni èyí tó ń kọ “mo” níbi tí àwa tó kù ti ń kọ “a”. Ṣé kí gbogbo wa máa kọ “a” ni, àbí kí kálukú fi orúkọ rẹ̀ sí ìdí èsì kó máa kọ “mo”?

Alábẹ́là
“Mo” ni kí ẹ lò. Èèyàn ló ń tọrọ àforíjì, iṣẹ́ kì í tọrọ ẹ̀.

Elétí Ọ̀rọ̀
Títí ẹnìkan nínú yín á fi kọ “mo ṣèlérí pé mo máa dá owó padà” láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. “A” lèmi fara mọ́, kí ẹ ṣì fi orúkọ sí ìdí ẹ̀.