Áàpù tí mo ń fowó pamọ́ sí ní kí n kọ́kọ́ sanwó kí n tó gba owó mi. Ṣé kí n san án?

Aládìrẹ Ìtòkú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi, ẹ fara dà á fún mi. Láti ìgbà tí alájọ wa ní Ìtòkú ti kó owó wa sálọ ni mo ti búra pé owó mi ò ní bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn mọ́, inú fóònù ni màá máa fi í sí. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló wá mú áàpù kan wá. Ẹ̀yin náà mọ irú ìyàwó tó jẹ́ pé tí o ò bá ṣe ohun tó ní kí o ṣe, á ní o ò ka òun kún. Mo bá ṣe é. Èlé ń gorí èlé, mo ń rí i. Ní báyìí tí mo fẹ́ gba owó láti fi ra aṣọ funfun àti aró (àwọn kan ti san àsansílẹ̀ aṣọ ẹgbẹ́ fún mi o!), áàpù yìí ní kí n kọ́kọ́ san 15,000 náírà fún àyẹ̀wò. Ṣé kí n san án? Áàpù wo ló sì dáa tí mo lè kó lọ?

Ìyá Ìbejì Aṣérò:
Má san kọ́bọ̀! Àwọn olè pọ̀. Èmi ni ọmọkùnrin kan ra kéèsì mínírà mẹ́ta lọ́wọ́ mi, ó na fóònù sí mi lójú pé owó ti wọlé, àláàtì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Títí di òní, n ò rí owó. Láti ọjọ́ náà, tí n ò bá rí i nínú àkáùntì èmi fúnra mi, ẹrù ò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá Ọbáńtokò:
Ìyá Ìbejì, ìyẹn kọ́ ló bi wá. Arábìnrin, béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn lọ́wọ́ wọn, kí o wò ó lórí ìkànnì CAC. Bí orúkọ wọn bá jáde, ojúlówó ni wọ́n.

Aládìrẹ Ìtòkú:
Ẹ ṣé, Bàbá. Wọ́n ní ìwé CAC, wọ́n fi hàn mí. Mo ti wò ó, ó jáde.

Délé Òkè-Ìlèwó:
Ẹ má bínú, Bàbá, CAC ò tó. Ohun tí CAC ń sọ ni pé ilé-iṣẹ́ náà wà. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì náà lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sọ pé wọ́n láṣẹ láti gba owó aráàlú pamọ́. CBN ló ń fúnni láṣẹ ìyẹn.
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè méjì péré: nígbà tí ẹ ń fi owó sí i, orúkọ ta ló ń jáde lójú fóònù yín kí ẹ tó tẹ píìnì? Báwo ni áàpù náà sì ṣe dé orí fóònù yín?

Mọ̀nífẹ̀ẹ́:
Èlé mélòó ni wọ́n ń san ná? Ẹ ò sọ ìyẹn.

Aládìrẹ Ìtòkú:
Ìdá mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀ra, gbogbo ìlà wa ní ọjà ló ń ṣe é. Orúkọ ọkùnrin kan ló ń jáde, nígbà mìíràn obìnrin. Wọ́n ní aṣojú wọn ni.

Ìyá Ìbejì Aṣérò:
Ìdá mẹ́wàá lọ́sẹ̀! Báńkì wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé? Ẹ̀yin obìnrin ọjà yìí ṣá.

Délé Òkè-Ìlèwó:
Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, torí ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ti lè dá a mọ̀ láìlọ síbì kan. Tí ẹ bá ṣí àkáùntì pẹ̀lú áàpù tó láṣẹ, nọ́ńbà àkáùntì tí wọ́n máa fún yín, orúkọ yín ló máa jáde lórí rẹ̀, tàbí orúkọ ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ yín. Nọ́ńbà kan náà ló máa ń jẹ́. Tí ẹ bá wá ń fi owó ránṣẹ́ sí Lágbájá lónìí, sí Tàmẹ̀dò lọ́la, àpò Lágbájá àti Tàmẹ̀dò lowó yín wà. Iye tí ẹ ń rí lójú áàpù, àwọn ló kọ ọ́ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èlé ṣe ń gorí èlé: kò ná wọn ní nǹkan kan.
15,000 yẹn, tí ẹ bá san án, wọ́n á tún béèrè owó orí. Áàpù tó láṣẹ, inú owó tó wà níbẹ̀ ló ti máa ń yọ owó tirẹ̀.
Ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè kejì o.

Aládìrẹ Ìtòkú:
Aṣojú wọn ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù, ó ní ti Play Store ò tíì jáde. Fóònù kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó wá kọ́ mi bí mo ṣe máa tẹ "Install unknown apps", lẹ́yìn náà a wọ "Accessibility", mo tẹ "Allow". Ó ní kó lè máa yára ni. Kí ló kan ìyẹn? Owó tó wà níbẹ̀ ni mò ń béèrè. Áàpù báńkì mi tí owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí fóònù yẹn.

Mọ̀nífẹ̀ẹ́:
Owó ẹgbẹ́ kẹ̀?

Délé Òkè-Ìlèwó:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ti owó áàpù sílẹ̀ ná. Ẹ pa dátà fóònù yẹn BÁYÌÍ, ẹ pa Wi-Fi. Ẹ gba fóònù ẹlòmíràn, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì báńkì yín, ẹ ní kí wọ́n ti àkáùntì náà pa.
"Accessibility" yẹn, tìtorí àwọn tí ojú wọn ò ríran dáadáa àti àwọn aláàbọ̀ ara mìíràn ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Áàpù tí ẹ bá fún lè ka gbogbo ohun tó wà lójú fóònù, ó sì lè tẹ bọ́tìnnì fúnra rẹ̀. Ó lè rí píìnì yín bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó lè ka OTP tí báńkì fi ránṣẹ́. Kò sí áàpù ìfowópamọ́ tó nílò rẹ̀ kó lè "máa yára".
Tí báńkì bá ti ti àkáùntì pa, ẹ padà sínú "Accessibility", ẹ pa á níbẹ̀, kí ẹ tó yọ áàpù náà. Tí ẹ ò bá kọ́kọ́ pa á, ó lè máa dí yín lọ́wọ́ bí ẹ ṣe fẹ́ yọ ọ́. Fóònù mìíràn ni kí ẹ ti yí píìnì padà o.

Bàbá Ọbáńtokò:
Kó kúkú pa gbogbo ohun tó wà lórí fóònù rẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Mọ̀nífẹ̀ẹ́:
Rárá o, Bàbá. Ọ̀rọ̀ tí òun àti aṣojú yẹn jọ sọ ńkọ́? Kí ni yóò fi han ọlọ́pàá?

Bàbá Ọbáńtokò:
Ọlọ́pàá wo? Owó ẹgbẹ́ ni kó dáàbò bò.

Délé Òkè-Ìlèwó:
Kó fi fóònù kejì ya àwòrán gbogbo rẹ̀ kó tó pa á rẹ́. Kó sì gba "Session ID" gbogbo owó tó fi ránṣẹ́, nọ́ńbà gígùn tó ní díjíìtì 30 tó máa ń wà lórí rìsíìtì. Òun ni báńkì fi ń tọ owó dé ibi tó lọ. Tí owó bá ṣì wà lọ́hùn-ún, wọ́n lè dá a dúró. Tí wọ́n bá ti ná an, ó di wàhálà.
Ní ti áàpù tó dáa: mi ò ní mú ọ̀kan fún yín. Ẹ lọ sórí cbn.gov.ng, ẹ wo àwọn tó láṣẹ. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni ẹ máa rí níbẹ̀, kò fi dandan bá orúkọ áàpù mu: OPay ń jẹ́ OPay Digital Services Limited, Kuda ń jẹ́ Kuda Microfinance Bank. Ẹ wá wò ó bóyá orúkọ ọ̀hún wà lábẹ́ áàpù náà lórí Play Store.

Ìyá Ìbejì Aṣérò:
Tí èyí tó láṣẹ náà bá wó lulẹ̀ ńkọ́? Ṣe owó á lọ ni?

Délé Òkè-Ìlèwó:
NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí aráàlú fi sí báńkì, á san án, dé ìwọ̀n kan. Láti 2024, mílíọ̀nù 2 náírà ni fún ẹni tó fowó sí maikirofáínáǹsì, mílíọ̀nù 5 fún àwọn bíi OPay. Ṣùgbọ́n ìyẹn wà fún ìgbà tí maikirofáínáǹsì náà, tàbí báńkì tí àwọn bíi OPay ń kó owó oníbàárà sí, bá kógbá wọlé. Tí olè bá fi píìnì yín kó owó lọ, ti NDIC kọ́ nìyẹn.

Bàbá Ọbáńtokò:
Alájọ tèmi ní Láfẹ́nwá ò béèrè píìnì lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Mọ̀nífẹ̀ẹ́:
Bàbá, alájọ tiwọn ló kó wọn débí.

Aládìrẹ Ìtòkú:
Mo ti ti báńkì dé. Wọ́n ti ti àkáùntì náà pa. Owó ẹgbẹ́ ṣì kù, ṣùgbọ́n 40,000 ti jáde nínú rẹ̀ láàárọ̀ tí èmi ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní àwọn ti kọ̀wé sí báńkì ọkùnrin yẹn, kí n máa retí. Ti ìyàwó àbúrò ọkọ mi ló kù. Mo ní kó yọ ọ́ lórí fóònù tirẹ̀, ó ní rárá, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ san owó tòun.

Ìyá Ìbejì Aṣérò:
Gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀! Ṣé òun náà fún un ní "Allow"?