Láptọ́ọ̀pù ọmọ yunifásítì: tuntun, rìfọ́bíìṣì àbí tòkunbọ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáNíkẹ̀ẹ́_Tánkẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi obìnrin ti wọ ọdún kejì ní Yunilọ́rin, wọ́n ní kó ní láptọ́ọ̀pù tiẹ̀. ₦350,000 ló wà lọ́wọ́ mi, kò lé. Ẹnìkan ní kí n ra tuntun, ẹnìkan ní rìfọ́bíìṣì, ẹnìkan ní tòkunbọ̀ Ṣálẹ́ńjì. Èwo ni kí n rà, kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ọmọ_GàáÀkàńbí:
Màmá ẹ sá fún tòkunbọ̀. Tuntun inú páálí ni kẹ́ ẹ rà, wọ́ráńtì ọdún kan ń bẹ lórí ẹ̀. Tó bá wá di dandan kẹ́ ẹ ra tòkunbọ̀, ẹ sáà rí i pé i7 ni wọ́n kọ sí i lára, i5 kò lágbára tó o.

AlfaKọ̀ǹpútà:
Màmá, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Àtúnṣe ni iṣẹ́ mi lọ́nà Táíwò, ọdún kẹrìnlá rèé, ohun tí wọ́n ń gbé wá sórí tábìlì mi ni n ó sọ. Ọ̀rọ̀ wọ́ráńtì tí àbúrò mi sọ yẹn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú owó tẹ́ ẹ dá yìí, tuntun tí wọ́n máa gbé fún yín ni èyí tí wọ́n kọ Celeron sí lára, ráàmù 4GB, ibi ìpamọ́ 64GB. Á dán, á mọ́, ṣùgbọ́n lílẹ̀ ni wọ́n lẹ ráàmù yẹn mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣe é fi kún láéláé, 64GB yẹn ńkọ́, Windows nìkan á jẹ ẹ́ dé bí ìdajì, tó bá ti gba àpúdéètì díẹ̀ ó ti kún dẹ́nu nìyẹn, ọmọ á wá máa pariwo pé Màámi ó ń fà. Mi ò lè ṣe nǹkan kan sí i tí wọ́n bá gbé e wá bá mi, ohun tó sì máa ń dùn mí nìyẹn, torí owó ìyá kan ni.

Rìfọ́bíìṣì gidi ni èyí tí wọ́n tú, tí wọ́n yẹ̀ wò, tí wọ́n pààrọ̀ ohun tó ti kú nínú ẹ̀, tí wọ́n wá fi wọ́ráńtì lé e. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń fi orúkọ yẹn pè nígboro wa níbí, tòkunbọ̀ tí wọ́n fi aṣọ nù tí wọ́n lẹ sítíkà tuntun mọ́ lẹ́yìn ni. Ìbéèrè kan ni kẹ́ ẹ bi wọ́n: kí lẹ pààrọ̀ nínú ẹ̀? Tí ò bá rí nǹkan kan dárúkọ, owó tòkunbọ̀ ni kẹ́ ẹ san.

Èyí tí èmi á rà fún ọmọ tèmi ni HP EliteBook 840 G5 tàbí Lenovo ThinkPad T480, Dell Latitude 7490 náà dáa. Ọ́fíìsì ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun á lò ó fún ọdún mélòó kan, wọ́n á wá tà á danù lẹ́ẹ̀kan náà lọ́pọ̀ yanturu, ìdí ẹ̀ tí páàtì wọn fi kún Ṣálẹ́ńjì nìyẹn, kíbọ́ọ̀dù wà, bátìrì wà, ráàmù ṣe é fi kún. Ohun tí páàtì ẹ̀ bá wà nílẹ̀ lowó ẹ̀ kì í tètè já, tọ́mọ bá jáde tó fẹ́ tà á, á rí ẹni rà á.

Ní ti i7, àbúrò mi, nọ́ńbà tó tẹ̀lé dáàṣì lẹ ò wò. i5-8250U, 8 yẹn ni pé ìran kẹjọ ni. i7-6600U, ìran kẹfà ni, kọ́ọ̀, ìyẹn ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, méjì péré ló sì ní, i5 tẹ́ ẹ̀ ń fojú di yẹn ní mẹ́rin. Windows 11 náà kì í gba èyí tó kéré sí ìran kẹjọ bó ṣe yẹ, Microsoft sì ti dáwọ́ àpúdéètì Windows 10 dúró láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Torí náà màmá, i7 ìran kẹfà tí wọ́n bá ń bẹ̀ yín kẹ́ ẹ gbà lówó pọ́ọ́kú, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Àlùhájà_Ọjàọba:
Ẹ dákun ẹ̀yin ọmọ mi, tòkunbọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí, ṣé ti fíríìsà náà wà níbẹ̀? Èyí tí mo rà, wákàtí méjì ni yìnyín fi ń yọ́ lẹ́yìn tíná bá lọ, wọ́n ní kí n lọ rọ gáàsì sí i.

AlfaKọ̀ǹpútà:
Àlùhájà, láptọ́ọ̀pù là ń sọ o. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó rọ gáàsì, ẹ fi ìwé pẹlẹbẹ kan há ẹnu ìlẹ̀kùn ẹ̀ kẹ́ ẹ pa á dé, tí ìwé yẹn bá ń yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ẹnu ìlẹ̀kùn ló ti rọ̀, gáàsì kọ́.

Ọmọ_Pólì_Ọ̀ffà:
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí màmá yìí má bàa ko àgbákò tí mo kó. Mo ra tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnìkan lọ́dún tó kọjá, ó mọ́ tónítóní, ó ń yára, mo lò ó fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́ mo ní kí n fọ́máàtì ẹ̀, mo fi dátà sí i, bó ṣe ní kí n yan orílẹ̀-èdè báyìí orúkọ ilé iṣẹ́ kan nílùú òyìnbó yọ gàgàrà, ó ní kí n fi í-méèlì ibiṣẹ́ mi wọlé. Ibiṣẹ́ wo? Mo padà síbi tí mo ti rà á, wọ́n ní oṣù mẹ́rin ti lọ.

AlfaKọ̀ǹpútà:
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ mú èyí wá torí òun ló burú jù. Ilé iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ yẹn ò yọ ọ́ kúrò nínú ìwé wọn lọ́dọ̀ Microsoft. Àwọn tó ń tà á mọ̀, wọ́n á fi Windows sí i láìso ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ní bi wọ́n ní nǹkan kan, ọjọ́ tẹ́ni tó rà á bá fọ́máàtì ẹ̀ pẹ̀lú dátà ni aṣírí á tú. Ọ̀nà tó dájú ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe `Reset this PC` níṣojú yín, kẹ́ ẹ wá fi hótúsípọ́ọ̀tì fóònù yín sí i nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan, ó mọ́.

Ìkejì ẹ̀ ni BIOS, ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé. Ẹ pa á kẹ́ ẹ tàn án padà, ẹ máa tẹ F10 tó bá jẹ́ HP, F1 tó bá jẹ́ ThinkPad, F2 tó bá jẹ́ Dell. Tó bá béèrè páswọ́ọ̀dù, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ má gbà tí wọ́n bá ní àwọn á yọ bátìrì kékeré inú ẹ̀ páswọ́ọ̀dù á lọ. Lórí àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì yìí kì í lọ bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́jà_Ṣálẹ́ńjì:
Alfa ẹ rọra o. Èmi ń tà á, mi ò lè jẹ́ kí kọ́sítọ́mà risẹ́ẹ̀tì ọjà mi kó tó sanwó. Ó lè lé ní wákàtí kan, tíná bá lọ láàárín ẹ̀ ńkọ́? Tó bá risẹ́ẹ̀tì márùn-ún lóòjọ́ tí ò ra ọ̀kan, ta ló máa san owó jẹnẹrétọ̀ mi? Kì í ṣe gbogbo wa là ń tan èèyàn jẹ.

AlfaKọ̀ǹpútà:
Ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kó sanwó, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé tí orúkọ ilé iṣẹ́ bá yọ ẹ ó dá owó padà, kó wá ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù yín kó tó lọ.

Ọlọ́jà_Ṣálẹ́ńjì:
Pààrọ̀ ni mo lè kọ. Dídá owó padà, rárá.

ÌyáNíkẹ̀ẹ́_Tánkẹ́:
Mo dé láti Ṣálẹ́ńjì báyìí o. Mo rí 840 G5, i5-8350U, ráàmù 8GB, ₦320,000, wọ́n ní rìfọ́bíìṣì ni. BIOS ò béèrè nǹkan kan. Wọ́n gbà kí n risẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tí mo bá ti sanwó. Bátìrì ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n.

AlfaKọ̀ǹpútà:
Tẹ́ ẹ bá padà lọ, ẹ ṣí Command Prompt, kẹ́ ẹ tẹ èyí:

```
powercfg /batteryreport
```

Á sọ ibi tó tọ́jú ìwé náà sí fún yín. Ẹ ṣí i, ẹ fi DESIGN CAPACITY àti FULL CHARGE CAPACITY ránṣẹ́ sí mi.

ÌyáNíkẹ̀ẹ́_Tánkẹ́:
Ọmọ mi bá mi ṣe é. Ti àkọ́kọ́ 49,980 mWh, ìkejì 27,480 mWh.

AlfaKọ̀ǹpútà:
Ohun tó lè gbà nígbà tó wà ní tuntun ni 49,980 yẹn, 27,480 ni ohun tó ń gbà báyìí. Tẹ́ ẹ bá pín in, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Wọn ò pààrọ̀ bátìrì ẹ̀ nìyẹn, irọ́ ni rìfọ́bíìṣì tí wọ́n ń pè é. Èmi ò ní torí ẹ̀ sá o, bátìrì ṣe é pààrọ̀, bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti lọ́ọ̀kù ni kò ṣe é ṣe. Ẹ ní kí wọ́n yọ owó bátìrì kúrò tàbí kí wọ́n fi òmíràn sí i. Bẹ́ ẹ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ wo bí ojú ẹ̀ ṣe rí lórí funfun àti lórí dúdú, àmì funfun bí ìka ọwọ́ túmọ̀ sí pé nǹkan ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ gbogbo kíbọ́ọ̀dù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì fi èékánná gbé etí lẹ́tà wò, torí èyí tó ti Jámánì tàbí Faransé wá, sítíkà ni wọ́n máa ń lẹ̀ lé e, kì í pé tó fi ń ṣí.

Ọmọ_GàáÀkàńbí:
Kí lẹ rí sí T480? Wọ́n ní bátìrì méjì ló ní.

AlfaKọ̀ǹpútà:
Méjì ni, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, ẹ lè yọ tìta láìpa á. Ṣùgbọ́n ihò USB-C nìkan ló fi ń gba ṣáàjì, tí wọ́n bá ti fi kìkì agbára ti ṣájà bọ̀ ọ́ tó ti ń mì, wàhálà nìyẹn. Ẹ dán ihò méjèèjì wò. Ẹ yẹ `Display settings` wò náà, àwọn kan nínú T480 jẹ́ 1366 x 768, lẹ́tà á máa rí gbàgùdùgbàgùdù, 1920 x 1080 lẹ fẹ́.

ÌyáNíkẹ̀ẹ́_Tánkẹ́:
Mo ti sanwó, mo sì ti risẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Wọ́n ti fi bátìrì mìíràn sí i, wọn ò gba owó kún un. Ìwé ẹ̀ ní 49,980 lójú méjèèjì, CYCLE COUNT ní 0. Ẹ wò ó, mo ní kí n lò ó níbẹ̀ láìfi sí iná, Wọ́ọ̀dù lásán ni ọmọ fi ń tẹ nǹkan, ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, ó ti 100 bọ́ sí 78.

AlfaKọ̀ǹpútà:
Bí 10 sí 12 ló yẹ kó jẹ fún irú iṣẹ́ yẹn. Bó ṣe ń lọ yìí, wákàtí méjì àti díẹ̀ ló máa lò, àwọn bátìrì ayédèrú kan sì wà tó jẹ́ pé nọ́ńbà tó dáa ni wọ́n kọ sínú ẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ó tún lè jẹ́ pé Windows ń gba àpúdéètì lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ risẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ìyẹn máa ń jẹ bátìrì. Ẹ tún un ṣe lọ́la tí kò bá sí íńtánẹ́ẹ̀tì lórí ẹ̀.

Ọlọ́jà_Ṣálẹ́ńjì:
Bátìrì tó bá jẹ 22 ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, àpúdéètì kọ́. Màmá ẹ má dúró dọ̀la, ẹ dá a padà fún wọn lónìí.

ÌyáNíkẹ̀ẹ́_Tánkẹ́:
Mo ti dé ilé. Mo máa pa dátà ẹ̀, n ó tún un ṣe láàárọ̀, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi.